Ta Ló Kọ́ Yín Ní Ìlà Mẹ́ta Yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni òṣìṣẹ́ alákíkanjú tó ń lépa àbájáde rere yìí? Mo fẹ́ mọ ilé tó ń gbé l'Óṣogbo, nítorí òun ló ń kọ ìlà mẹ́ta òkè síìfíì, níbi tí èèyàn ti ń sọ irú òṣìṣẹ́ tí òun jẹ́, fún gbogbo ìlú. Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ fi tiẹ̀ ránṣẹ́, òun ni mo bá níbẹ̀. Ọmọ Ayétòrò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé tiẹ̀ wá nínú ẹ́ńfílóòpù, òun náà ni. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ọ̀rọ̀ kan náà, kọ́mà kan náà, àṣìṣe kan náà. Bí aṣọ ẹbí ni gbogbo wọn ṣe dá a.

Ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọlọ́pọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sítọ́kípà kan ṣoṣo la ń wá. A kọ ọ́ kedere pé kí ó jẹ́ ẹni tó ti tọ́jú ọjà rí, tó lè ka sítọ́ọ̀kì, tó sì lè lo Excel. Ọ̀gá wa ní kí n yọ èèyàn márùn-ún tí òun máa rí. Mo bá jókòó ti fóònù, mò ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lókè wọn rèé, mi ò bù mọ́ ọn: "Ẹni tó ní ìtara, tó mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, tó lè ṣiṣẹ́ nígbà ìnira láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ, tó ń wá ipò ní ilé-iṣẹ́ olókìkí, níbi tí yóò ti lo ẹ̀bùn rẹ̀ fún ìdàgbàsókè ara rẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ náà."

Ilé-iṣẹ́ olókìkí wo? Àwa tí a wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn fọkanáísà yìí? Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sí wa pé òun fẹ́ fi ìmọ̀ òun gbé "báǹkì yín" ga. Oògùn ibà là ń tà o!

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìtara. Ta ni yóò kọ̀wé wáṣẹ́, tí yóò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀lẹ lòun? Ẹ ti rí ẹni tó kọ pé "mi ò lè bá èèyàn ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n máa ṣọ́ mi"? Ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè kọ òdì kejì rẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni láàárín èrò. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọ pé òun ti tọ́jú oògùn tó ń gbé inú fíríìjì fún ọdún mẹ́ta, ìyẹn yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi èyí díwọ̀n àwọn ìlà mẹ́ta tó wà níwájú mi, ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀pọ̀ wọn ni orúkọ àti nọ́ńbà fóònù.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn tó mọṣẹ́ wà nínú wọn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo ti fẹ́ pa síìfíì rẹ̀ dé. Òkè rẹ̀, ìtara àti ilé-iṣẹ́ olókìkí. Ojú ìwé kejì, lábẹ́ ojúṣe rẹ̀ ní fámásì kan tó ti ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn "dídá oníbàárà lóhùn" àti "àwọn iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn", ó kọ ọ́ síbẹ̀ wẹ́rẹ́ pé òun ń ka ọjà, òun sì ń ṣọ́ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Mo fò dìde. Mo pè é.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, àbúrò mi. Oríṣi oògùn mélòó lo ń tọ́jú níbẹ̀?"

"Ó máa tó 600, mà. Àwọn tó ń gbé inú fíríìjì wà lára wọn."

"Ṣé wọ́n máa ń bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́, èyí tí a máa ń dà nù lóṣù mẹ́ta mẹ́ta máa ń tó ₦160,000, mà. Nígbà tí mo fi máa kúrò, kì í ju ₦30,000 lọ mọ́."

Mo ní kí ló ṣe. Ó ní òun to èyí tó máa tètè kọjá ọjọ́ síwájú, èyí tó ṣì máa pẹ́ sì wà lẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé èyí tó máa pẹ́ náà ló kọ́kọ́ dé sítọ́ọ̀. Lóṣooṣù, òun á ka gbogbo rẹ̀, òun á sì kọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ku oṣù mẹ́fà sínú Excel lọ́tọ̀, kí ọ̀gá lè tètè dá a padà fún ẹni tó tà á fún wọn, tàbí kí wọ́n dín owó rẹ̀ kí ó lè tètè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, ẹ mọ̀ pé bí ọjọ́ bá ti kọjá tán, ẹni tó tà á fún yín kò ní dá yín lóhùn mọ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò kọ gbogbo èyí sókè?"

"Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ló ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, mà."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́! Ọmọ tó gba ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ òfò tó ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà lọ lóṣù mẹ́ta, ẹni tó ń tẹ̀wé lójú títì ló wá fi ìtara bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tún gbowó lé e.

Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí ọmọ yẹn ní. Lédè Òyìnbó ni yóò kọ ọ́ ṣá, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ rèé:

"Sítọ́kípà fámásì, ọdún mẹ́ta, oríṣi oògùn bí 600, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú fíríìjì ní 2 sí 8 °C.
Dín òfò oògùn tó ń kọjá ọjọ́ kù láti nǹkan bí ₦160,000 sí ₦30,000 lóṣù mẹ́ta, nípa títo èyí tó máa tètè kọjá ọjọ́ síwájú àti ṣíṣọ́ èyí tó ku oṣù mẹ́fà.
Ń ka sítọ́ọ̀kì lóṣooṣù, ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀; ó ń gbé l'Óṣogbo, ó sì fẹ́ tọ́jú sítọ́ọ̀ ọlọ́pọ̀."

Ẹ wò ó bí kò ṣe sí ìtara níbẹ̀, tí ẹ sì rí ìtara. Ìlà kìíní ti sọ ẹni tó jẹ́ àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Sítọ́kípà nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń tọ́jú búlọ́ọ̀kù àti ẹni tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ìlà kejì ni ọkàn rẹ̀. Ó sọ ibi tí nǹkan wà tẹ́lẹ̀, ibi tó dé, àkókò tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀, àti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta ni yóò máa yí padà, nítorí inú ìkéde wa ni yóò ti mú un. A ní Excel, ó dáhùn Excel. Bí ó bá ń kọ̀wé sí ilé ìwòsàn lọ́la, kí ó yọ sítọ́ọ̀ ọlọ́pọ̀ kúrò, kí ó fi ti ilé ìwòsàn sí i. Kò sì purọ́ pé òun ti ṣe ọlọ́pọ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ ṣe é, a sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sáré ka èyí, á lọ fín nọ́ńbà sí tiẹ̀ bí iyọ̀. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ náà. Ó kọ ọ́ pé òun mú ọjà títà gbéra ní ìdá 300 nínú 100. Ọ̀gá wa bi í lẹ́nu íńtáfíù pé láti èló sí èló, láàárín oṣù mélòó. Ọmọkùnrin gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Nọ́ńbà tí ẹ kò lè sọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ lẹ́nu, ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ tú àṣírí owó ọ̀gá yín àtijọ́, ẹ kọ ọ́ ní ìdá. Ọmọbìnrin yìí lè kọ ọ́ pé òfò dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, yóò sì tọ̀nà. Bí ẹ kò bá rántí iye rárá, ẹ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó: oríṣi ọjà mélòó, ẹ̀ka mélòó, èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ yín.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ló máa ń kọ́kọ́ pariwo pé àwọn kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ìgbà tí ẹ jẹ́ àgùnbánirọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá tọ́jú máàkì ìdánwò ọmọ ilé ìwé 240 sínú Excel, tí èsì tó máa ń pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì wá ń jáde lọ́jọ́ kẹrin, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìyá yín l'Ọ́jà Ìgbónà tí ẹ ń bá wọn ka ọjà nígbà ìsinmi, tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sínú ìwé, ó kúkú dára ju "onítara tó yára kọ́ṣẹ́" lọ fún èmi tí mò ń wá ẹni tó lè ka ọjà.

Ìlà mẹ́ta ni mo sì wí o. Ẹnì kan fún lẹ́tà mọ́ra títí ó fi rí bí ìdin, kí ìlà mẹ́sàn-án lè dà bí mẹ́ta. Lórí ìwé A4 tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 11, nǹkan bí ogójì sí àádọ́ta ọ̀rọ̀ ní ìlà mẹ́ta ń gbà. Lórí fóònù tí mo fi ń kà á, á ti gùn tó ìlà mẹ́fà. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ di àròkọ, orí ìtara náà ni mo máa wà tí fóònù á fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn tẹ síìfíì nígboro, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ṣí fáìlì àtijọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà yín pé kí ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́, báwo ló ṣe pọ̀ tó, kí ló sì yí padà nígbà tó débẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ kúkú fi òkè ìwé sílẹ̀ lófìfo, kí ojú mi lè tètè dé ibi tí iṣẹ́ wà.

Ọ̀gá ti rí sítọ́kípà rẹ̀. Awakọ̀ ló kù, ìkéde rẹ̀ á jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá tún fi ilé-iṣẹ́ olókìkí ránṣẹ́ sí mi láìsọ irú ọkọ̀ tó ti wa rí, ọ̀nà tó ń ná, àti irú ẹrù tó gbé débẹ̀ láìfọ́, mi ò ní ṣí ojú ìwé kejì wò o.