Kóńgò wo lẹ fi ń wọn ìrẹsì fún wa gan-an?

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìrẹsì, oríṣi kóńgò mélòó ló wà láyé yìí? Torí kò yé mi mọ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sọ́jà àdúgbò wa n'Íbàdàn, màmá tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn pe kóńgò ní 2,500, mo ní ha, màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in kù fún mi, wọ́n ní "Ọmọ mi, torí pé ìwọ ni mo ṣe pè é bẹ́ẹ̀, kílò kan ààbọ̀ gbáko ni, lọ wọ̀n ọ́n níbi tó bá wù ẹ́." Èmi náà lọ wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Àbúrò mi tó ń ṣe kéèkì ní síkéèlì kékeré onínọ́ńbà, a gbé abọ́ sórí ẹ̀, a dá a padà sí òdo, mo wá da ìrẹsì sí i. Gíráàmù 1,320 ló kọ. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, 1,320 náà ni. Níbo ni 180 yòókù gbà lọ?

Ìṣirò ẹ̀ ló wá mú inú bí mi. 2,500 fún kílò kan ààbọ̀, bíi 1,670 ni kílò kan ń bọ́ sí. Tó bá wá jẹ́ gíráàmù 1,320 lẹ bù fún mi, kílò kan ti di bíi 1,895 nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ńlá oní-AC tó wà lójú títì, tí gbogbo wa ń pè ní ibi táwọn olówó ti ń rajà, ọ̀rá kílò 5 níbẹ̀ 9,500 ni, 1,900 fún kílò kan. Náírà márùn-ún péré! Torí náírà márùn-ún ni mo ṣe dúró sínú oòrùn tí mò ń nájà títí ọ̀fun mi fi gbẹ, tí mo tún wá délé wá ń ṣa òkúta.

Mo padà síbẹ̀. Mi ò jà o, mo kàn mú kóńgò náà lórí ìrẹsì, mo dojú ẹ̀ dé. Ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, kòtò tó wà níbẹ̀ tó èèyàn fi mu gààrí. Tó bá dúró, ẹ ò lè rí i láéláé, torí inú ìrẹsì ni wọ́n máa ń gbé e lé. Wọ́n á tún wá fọwọ́ kó díẹ̀ sórí ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀nì nìyẹn, ẹ̀nì kẹ̀! Ohun tẹ́ ẹ ti yọ nísàlẹ̀ lẹ ń dá padà lókè, kò sì tó o. Ti àwọn tó ń fọwọ́ gbá orí kóńgò títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, mi ò tiẹ̀ ní sọ.

Ẹnì kan ní kí n máa fi ìgò omi lítà kan wọ̀n ọ́n, pé kílò kan nìyẹn. Omi nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ o! Ìrẹsì tí wọn ò tíì sè tó kún ìgò lítà kan, gíráàmù 800 lé díẹ̀ ló máa wọ̀n, torí àlàfo wà láàárín hóró. Èyí tó bá rún máa ń wọ̀n ju odindi lọ, torí ó máa ń há síra.

Ẹ ní kí n ra àpò, àbí? Mo ti rà á rí. Èmi àti ará ilé wa dá owó jọ, 72,000, wọ́n kọ 50 kílò gàdàgbà sára ẹ̀. Okùn tí iléeṣẹ́ fi ń rán an, tẹ́ ẹ bá mú orí ẹ̀ tó tọ́, fííì ló máa tú. Èyí ò tú rárá, ọ̀bẹ la fi gé e, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Kóńgò ará ilé wa tó jẹ́ kílò kan ààbọ̀ la fi pín in, ó yẹ kó tó 33 kó tún ṣẹ́ kù, 31 la bá níbẹ̀. Kílò 46 àtààbọ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú olè tí wọ́n jà wá yẹn náà, bíi 1,550 ni kílò kan já sí, owó ẹ̀ ṣì kéré ju ti kóńgò lọ! Ẹni tó ní 72,000 lọ́wọ́ lẹ̀ẹ̀kan náà ló ń rà á ní pọ́ọ́kú, èmi tí mò ń ra kóńgò kọ̀ọ̀kan ni mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù oní-AC. Ìjọba sì lófin òṣùwọ̀n o, wọ́n ń rán èèyàn lọ wo ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù bóyá lítà ẹ̀ pé. Ta ló ń wo ìdí kóńgò?

Lánàá mo mú síkéèlì àbúrò mi dání lọ sọ́jà, mo ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, kílò ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n fún mi. Wọ́n wo síkéèlì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ wọ́n dolè lójú àwọn kọ́sítọ́mà wọn ni, wọ́n sì da ìrẹsì padà sínú àpò.