Fọ́wọ́ọ̀dù tí báǹkì fún yín kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kó pátì mọ́tò wọlé tún ti gbé e dé sórí gúrúùpù wa. Báǹkì ní òun máa ta dọ́là fún wọn ní 1,610 lóṣù mẹ́fà sí àsìkò yìí, iye àdéhùn ọjọ́ iwájú tá à ń pè ní fọ́wọ́ọ̀dù nìyẹn, dọ́là ọ̀hún sì wà ní 1,500 lónìí, ni wọ́n bá ní "ẹ ò rí i, àwọn oníbáǹkì Màrínà ti mọ ibi tí náírà ń lọ, ẹ yáa tọ́jú dọ́là yín." Kí n tó kà á tán, àwọn èèyàn ti ń kí wọn kú iṣẹ́, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ń lọ kó gbogbo náírà òun kúrò ní báǹkì láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre. Báǹkì ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó pe 1,610 yẹn ò tiẹ̀ ronú kan ibi tí náírà ń lọ, ìṣirò ló ṣe.

Èmi náà jókòó sídìí iṣẹ́ yìí ní Màrínà, mo mọ bó ṣe ń lọ. Kọ́sítọ́mà á pè, á ní òun fẹ́ dọ́là 100,000 lóṣù mẹ́fà sí i. A máa wo iye tí dọ́là ń lọ lójú sìkírìnì, a máa ké sí ẹni tó jókòó lódì kejì tábìlì pé "èlé náírà oṣù mẹ́fà jẹ́ èló?", a máa béèrè ti dọ́là náà, a ó tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, a ó fi èrè tiwa lé e, ó parí. Mi ò rí i rí kí ẹnì kan dìde lọ bi àwọn tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé pé kí ni wọ́n rí nípa náírà. Ohun tó wà nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì yẹn ò ju báyìí lọ:

```
F = S × (1 + rN × t) / (1 + rD × t)
```

S ni iye dọ́là lónìí, rN ni èlé náírà lọ́dún, rD ni èlé dọ́là lọ́dún, t ni apá ọdún tí ẹ fẹ́ dúró. Ká ní èlé náírà jẹ́ 20 pásẹ́ǹtì, ti dọ́là jẹ́ 5. Ní oṣù mẹ́fà, ìdajì ìdajì ni ẹ máa mú: 10 pásẹ́ǹtì fún náírà, 2.5 fún dọ́là.

```
F = 1500 × 1.10 / 1.025 = 1609.76
```

1,610 ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Wòlíì dà níbẹ̀? (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é bí àwọn oníbáǹkì ṣe ń ṣe é gan-an, ọjọ́ 365 ni wọ́n ń fi ka ọdún náírà, 360 ni ti dọ́là, èyí á sì yí i díẹ̀.)

Ẹ máa ní kí ló dé tí báǹkì ò kàn pe iye tó bá wù ú. Torí pé wọ́n máa jẹ ẹ́ lówó ni. Ká ní báǹkì kan gbà pé náírà máa le, ó wá ń ta dọ́là oṣù mẹ́fà ní 1,550. Èmi á yá dọ́là 100,000 ní èlé 5 pásẹ́ǹtì, màá ṣẹ́ ẹ sí náírà lónìí, ó di mílíọ̀nù 150. Màá fi owó yẹn sílẹ̀ níbi tó ti ń gba 20 pásẹ́ǹtì, lọ́jọ́ yẹn kan náà màá ti bá báǹkì tọwọ́ bọ̀wé pé mo máa ra dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1,550. Tí oṣù mẹ́fà bá pé, náírà mi ti di mílíọ̀nù 165, màá gbé e fún báǹkì, ó máa kó dọ́là bíi 106,450 fún mi, màá san gbèsè mi, 102,500, nǹkan bíi dọ́là 3,950 á kù sọ́wọ́ mi. Kò sí kọ́bọ̀ tèmi níbẹ̀, kò sì kàn mí bóyá dọ́là di 1,000 tàbí 3,000 lọ́jọ́ yẹn, torí gbogbo iye yẹn ni mo ti so mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tí báǹkì bá wá pe 1,700, ẹ yí i padà: ẹ yá náírà, ẹ fi ra dọ́là lónìí, ẹ fi dọ́là gba èlé, kẹ́ ẹ sì ti ta dọ́là ọ̀hún fún un sílẹ̀ ní 1,700. Orí 1,610 nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ti lè rí èrè ọ̀fẹ́. Èyí ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè ní kọ́fáàdì íńtírẹ́ẹ̀sì párítì, Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Bìrìtìkó, sì ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 1923, kì í ṣe àṣírí ẹnì kankan.

Àmọ́ èyí tó yẹ kó pa ọ̀rọ̀ yìí pátápátá ni pé kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí CBN bá gbé èlé sókè. Ẹ gbé èlé náírà láti 20 lọ sí 24 nínú ìṣirò wa, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, fọ́wọ́ọ̀dù á kúrò ní 1,610, á di 1,639. Ṣebí nítorí kí náírà lè lágbára ni CBN ṣe ń gbé èlé sókè? Tó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni fọ́wọ́ọ̀dù, a jẹ́ pé báǹkì ń sọ pé bí CBN bá ṣe ń gbèjà náírà tó ni náírà á ṣe máa kú tó. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa. Ní ìparí oṣù kejì 2024, CBN gbé MPR, ìyẹn èlé tó ń darí gbogbo èlé náírà tó kù, láti 18.75 lọ sí 22.75, oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n tún gbé e dé 24.75. Lójú ìṣirò yìí, ṣe ni fọ́wọ́ọ̀dù á tún jìnnà sókè sí i. Kí ni náírà ṣe? Dọ́là tó wà lókè 1,500 ní ọjà ìjọba ní ìparí oṣù kejì yẹn, nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹrin ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,150. Àwọn tó kó dọ́là pa mọ́ nítorí "báǹkì ti mọ̀" ń sunkún ní Ìdúmọ̀tà nígbà yẹn, mo mọ àwọn kan nínú wọn. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́, 14 oṣù kẹfà 2023, tí náírà kúrò ní nǹkan bíi 470 tó sì kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Èlé wo ni ẹ fẹ́ fi ṣírò ìyẹn?

Wọ́n á ní "ṣebí náírà sábà máa ń já wálẹ̀ náà, fọ́wọ́ọ̀dù ò sì purọ́." Ó dáa. Aago tó ti kú náà máa ń sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo gbà ṣá pé ní Nàìjíríà ìṣirò yìí kì í fi gbogbo ìgbà bọ́ sí i régé, torí tí dọ́là bá wọ́n, kò sẹ́ni tó máa yá ẹ ní dọ́là ní 5 pásẹ́ǹtì kó o lè lọ jẹ báǹkì níyà. Kódà láàárín dọ́là àti yúrò, àlàfo ti wà láàárín fọ́wọ́ọ̀dù àti ohun tí ìṣirò yìí ń gbé jáde láti 2008. Ọ̀wọ́n dọ́là nìyẹn ṣá, kì í ṣe ìran.

Ohun tó ń dùn mí ni owó táwọn èèyàn wa ń sọ nù sí i. Nígbà tí mo ń bá iléeṣẹ́ kan nÁpápá wo ìwé, báǹkì wọn pe iye kan tó fi 80 náírà lé lórí ohun tí ìṣirò yìí gbé jáde, ọ̀gá ibẹ̀ sì fẹ́ gbà á pé "wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n rí." Lórí dọ́là 100,000, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà nìyẹn. Mo ní ká bi wọ́n ní ohun mẹ́ta péré: èló ni ẹ mú fún dọ́là òní, èló ni ẹ mú fún èlé náírà, èló fún ti dọ́là? Àṣé èlé tí wọ́n fi ń yá kọ́sítọ́mà lówó ni wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ náírà, kì í ṣe èyí tí báǹkì fi ń yá ara wọn. Nígbà tá a ní kí wọ́n tún un ṣe, ìlàjì àfikún yẹn ti lọ kó tó di ọ̀sán.