Ẹ ní ká má jẹun wá, ẹ ò mẹ́nu ba oògùn

Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe dùn mí tó.

Ẹ ti rí irú àwòrán tó ń kiri orí Wásáàpù yẹn rí. Kílíníìkì kan ní Ṣómólú ló gbé e jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé: "Àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Sátidé, aago 9 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Ẹni ọdún 40 sókè. Ẹ má jẹun wá." Ó parí síbẹ̀. Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní 60, rí i lórí fóònù wọn, wọ́n ní àwọn náà á lọ.

Àǹtí mi ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́. Gílíbẹ́nkílámáìdì ni, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Dáónìlì, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi lò ó. Ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ṣe. Oúnjẹ ni wọ́n ní kí wọ́n má jẹ, kò sẹ́ni tó dárúkọ oògùn. Wọ́n jẹ ẹ̀bà lálẹ́ Fúráìdè láago 8, wọ́n fi omi lo oògùn wọn láago 7 àárọ̀, wọ́n bá kọrí síbẹ̀. Èrò ti pọ̀ níwájú kí wọ́n tó débẹ̀.

Oògùn yẹn kì í dúró wo bóyá èèyàn jẹun. Ó ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, ínsúlínì sì ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀, ṣúgà inú oúnjẹ ló máa kó. Tí kò bá sí, ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa kó lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀ tí mo yà síbẹ̀ ní nǹkan bí aago 11. Mo bá Àǹtí mi lórí bẹ́ǹṣì, òógùn ti mú bùbá wọn rin, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, mo kí wọn, èsì tí wọ́n fọ̀ kò jọ ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ní òòrùn ni, obìnrin kan sì ti ń bu omi sí wọn lórí. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà wá kíá. 54 mg/dL ló gbé jáde. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Mo fún wọn ní mínírà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, mo dúró ìṣẹ́jú 15, mo tún un wò: 82. Mo wá ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún wọn, torí oògùn náà máa ń pẹ́ lára, ṣúgà náà sì lè tún já wálẹ̀ lẹ́yìn mínírà.

Ọmọ tó ń pín nọ́ńbà fún èrò béèrè ọjọ́ orí wọn, kò béèrè oògùn. Mi ò bá a wí. Ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n kọ sínú ìkéde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá ó ní àìsàn ni irú àyẹ̀wò yìí wà fún. Ẹni tó ti ń lo oògùn ti mọ tirẹ̀.

Aago 3 yẹn gan-an kò yé mi. Wákàtí 8 láìjẹun ti tó fún àyẹ̀wò ṣúgà, omi lásán ò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó jẹun láago 8 alẹ́, tí wọ́n dá dúró di aago 3 ọ̀sán, ó ti lo wákàtí 19. Ẹni tí kò bá lè fara dà á á lọ wá àkàrà jẹ, á padà wá, wọ́n á sì fi ìwọ̀n ẹni tí kò jẹun díwọ̀n rẹ̀. 126 lára ẹni tí kò jẹun ń fa ìfura, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. 126 lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún.

Wọ́n á ní ìkéde gígùn kò sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́: "Ẹni ọdún 40 sókè tí wọn ò tíì sọ fún rí pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má jẹun láti aago 10 alẹ́, ẹ lè mu omi. Aago 7 sí 10 àárọ̀ la ó wo ṣúgà. Tí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín, ẹ wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan." Ṣé èyí gùn ni?

Mo kà á sétígbọ̀ọ́ Àǹtí mi lánàá. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ó lé lọ́dún kan tí mo ti wo ṣúgà mi gbẹ̀yìn. Owó rẹ̀ ni mi ò ní. Tí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí, níbo ni n bá ti wò ó?"

Mi ò tíì rí èsì fún wọn.