Àìfi ìtọ́jú pamọ́ kò sọ èsì RECOVERY di asán

“Ìwádìí RECOVERY tó sọ pé oògùn dẹksamẹtasónì ń dín ikú àwọn aláìsàn Kòrónà kù kò ṣeé gbà, torí àwọn dókítà mọ ẹni tó ń lò ó.”

Àṣìṣe ni èyí. Èsì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìwádìí lódindi, ni a ń gbé gba ìsọ̀rí márùn-ún ti RoB 2, irinṣẹ́ tí a fi ń díwọ̀n ewu ojúsàájú nínú èsì ìwádìí, kọjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú ikú láàárín ọjọ́ 28. Kọ̀ǹpútà ló yan ẹgbẹ́ fún aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, dókítà kò sì lè mọ ìpín náà ṣáájú. Ìsọ̀rí kejì, èyí tó kan ìyapa kúrò nínú ìtọ́jú tí a yàn, ló yẹ kí a dúró lé lórí: nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 àwọn tí a kò yan oògùn náà fún ló gbà á. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ tí a kọ́kọ́ pín wọn sí ni a ti kà wọ́n, irú àdàlù bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Síbẹ̀, 482 nínú 2,104 ló kú pẹ̀lú oògùn, 1,110 nínú 4,321 láìsí i.

Ní ti wíwọn èsì, èrò dókítà kò lè yí òkú padà sí alààyè. Ká ní bí èémí ṣe ń ni aláìsàn lára, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀, ni èsì náà, èmi náà ì bá kọ “ewu ńlá” síbẹ̀.