Bí Irọ́ Bá Lọ fún Ogún Ọdún: Ìbéèrè Nípa Físà Tí Wọ́n Kọ̀ àti Ẹ̀ṣẹ̀ Àtijọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ pé irọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè sáré. Ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n fẹ́ ká máa wò. Nídìí fọ́ọ̀mù físà, a mọ ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ tí èèyàn tẹ ìka ni.

Kánádà, Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti Niu Sílándì jọ ṣàdéhùn láti máa fi ìtẹ̀ka àwọn tó ń tọrọ físà wé èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ ara wọn. Bí ẹnì kan bá tẹ ìka fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2019, tó wá tẹ ìka fún Kánádà lónìí, òṣìṣẹ́ Kánádà lè rí i pé wọ́n kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹni náà lè ti gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ó lè ti fi orúkọ ọkọ rọ́pò orúkọ bàbá, ìka rẹ̀ ṣì ni ìka rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kánádà. Lọ́dún 2019 ó tọrọ físà àbẹ̀wò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò fún un, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i pé owó ńlá kan wọ àkáǹtì rẹ̀ tí kò ṣàlàyé ibi tó ti wá. Lọ́dún 2022 ó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ lójú fèrèsé tí wọ́n fi dá pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ 214(b) sí, ìyẹn abala òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ní báyìí, fọ́ọ̀mù Kánádà, IMM 5257, wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ń béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ láti fún un ní físà tàbí ìwé àṣẹ rí, bóyá wọ́n ti dá a padà lẹ́nu ibodè rí, tàbí pàṣẹ pé kó jáde kúrò ní Kánádà tàbí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbé gbogbo ẹrù ìbéèrè náà. Ti Kánádà nìkan kọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Éjẹ́ǹtì rẹ̀ ní kó mú "No". Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Òwe yìí fara hàn kedere nídìí iṣẹ́ yìí, torí pé owó gidi ni èèyàn ń san fún ẹni tó máa bá a purọ́. Lójú òfin Kánádà, ọrùn ẹni tó tọrọ físà ni irọ́ éjẹ́ǹtì wà. Éjẹ́ǹtì á gbowó rẹ̀ lọ, orúkọ oníbàárà ló máa wà lórí ìpinnu náà. Torí ìdí yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́ọ̀mù yín ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ ka ẹ̀dà tó kẹ́yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà náà.

Obìnrin wa kò gbà fún éjẹ́ǹtì, àmọ́ òun náà ní ètò tirẹ̀. Ó fẹ́ sọ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì fo ti Amẹ́ríkà, torí pé kò rí lẹ́tà gidi gbà níbẹ̀, lójú rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olóòótọ́ èèyàn ti ń ṣubú. Ìpinnu lábẹ́ 214(b) jẹ́ kíkọ̀ pátápátá: ó túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ náà kò gbà pé olùtọrọ máa padà sílé. Bí ó bá sọ ẹyọ kan tó sì fi ẹyọ kan pamọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò pé, èyí tó pamọ́ sì tó láti dá a lẹ́bi. Abala 40 nínú òfin ìwọlé Kánádà kan ẹni tó purọ́ àti ẹni tó fi òótọ́ tó ṣe pàtàkì pamọ́, bí ohun náà bá lè ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà. Ìyà rẹ̀ ni ọdún 5 tí wọn ò ní gbà á wọlé, láàárín ọdún 5 yẹn, kò sì lè tọrọ àṣẹ láti di olùgbé Kánádà títí lọ.

Ẹ wá gbé ohun méjèèjì sórí ìwọ̀n. Pé Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ lọ́dún 2022 kò fi òfin dí ọ̀nà Kánádà mọ́ ọn. Ohun tí òṣìṣẹ́ máa wò ni bóyá ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ nígbà náà ṣì wà. Ohun tó lè sọ ọ́ di ẹni ọdún 5 ni pé ó fi pamọ́. Ohun tó ń bẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ má lágbára tó ohun tó fẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ tó ṣe pàtàkì wá físà, ìdènà rẹ̀ kò lọ́jọ́ tó máa tán, àfi bí wọ́n bá fún un ní ìyọ̀ǹda àkànṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó lo ẹ̀tàn fún ọdún 10.

Kí ló yẹ kó kọ? Kó mú "Yes", kó kọ orílẹ̀-èdè méjèèjì, irú físà, oṣù àti ọdún sínú àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Àyè yẹn kéré, nítorí náà kó fi lẹ́tà àlàyé kan tì í, ojú ewé kan ti tó. Ní Yorùbá, ohun tó wà nínú lẹ́tà náà máa rí báyìí:

"Ní oṣù kẹta ọdún 2019, mo tọrọ físà àbẹ̀wò Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fún mi. Ìdí tí wọ́n kọ ni pé n kò ṣàlàyé owó kan tó wọ àkáǹtì mi. Owó ọkọ̀ tí mo tà ni. Ìwé títà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, mo tọrọ físà àbẹ̀wò Amẹ́ríkà, wọn kò fún mi lábẹ́ 214(b). N kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà láti ọdún 2023; lẹ́tà àwọn agbanisíṣẹ́ mi àti ti ìsinmi tí wọ́n fún mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe ojúsàájú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ìdí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ló kọ, kì í ṣe ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn sí, torí pé òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé àkọsílẹ̀. Bí lẹ́tà àtijọ́ bá ti sọnù, ẹ wá a nínú ímeèlì yín ná. Bí kò bá sí, ẹ lè béèrè àkọsílẹ̀ tiyín lọ́wọ́ ìjọba tó kọ̀ yín. Ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ọjọ́ pàtó kò bá sì sí lọ́wọ́, ẹ kọ oṣù tàbí ọdún, kí ẹ sì sọ pé bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe fojú bu ọjọ́ kan kí ẹ wá kọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú.

Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó rán yín, ìbéèrè wọn kò sì dọ́gba. DS-160 ti Amẹ́ríkà ń béèrè nípa físà Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ̀, àti nípa ẹni tí wọ́n dá padà tàbí tó fúnra rẹ̀ yí padà lẹ́nu ibodè Amẹ́ríkà. Nídìí ìbéèrè yẹn, kíkọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dáhùn. Ti Kánádà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo ayé pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn "ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi ní kóòtù rí?" nígbà tó jẹ́ pé ohun mìíràn ni wọ́n bi wọ́n. DS-160 béèrè bóyá wọ́n ti mú yín rí tàbí dá yín lẹ́bi rí, kódà bí wọ́n bá ti dárí jì yín lẹ́yìn náà. Fọ́ọ̀mù Kánádà dárúkọ mímú, fífi ẹ̀sùn kàn àti ìdálẹ́bi. Ẹni tí ọlọ́pàá mú, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìgbé e dé kóòtù, "Yes" ni ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀, kó wá ṣàlàyé pé wọn ò fi ẹ̀sùn kàn án. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn tún ń béèrè nípa ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó àti gbèsè tí kóòtù dá lẹ́jọ́.

Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ni ibi tí jíjẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni ti lè ṣe èèyàn láǹfààní. Ní Íńgílándì, òfin ọdún 1974 lórí àtúnṣe ìgbé ayé ẹni tó ṣẹ̀ gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn àkókò kan. Fún àgbàlagbà tí wọ́n bu owó ìtanràn lé, oṣù 12 ni láti ọjọ́ ìdálẹ́bi. Fún ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ọdún kan tàbí tó dín, oṣù 12 ni lẹ́yìn tí gbogbo àkókò ìdájọ́ náà bá parí. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ iṣẹ́, "No" rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Àmọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé tàbí aláìsàn lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ààbò òfin yìí kò sì bo fọ́ọ̀mù físà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan náà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, "No" rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ lórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ láàárọ̀, kó sì di ẹ̀tàn lórí fọ́ọ̀mù físà nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe da ìdáhùn láti inú fọ́ọ̀mù kan kọ sínú òmíràn.

Ó kù sọ́dọ̀ ẹni tó ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tó wá rántí lóru pé òun fo nǹkan kan. Kó má ṣe dúró de ìpinnu. Kánádà ní fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi kọ̀wé nípa ìbéèrè físà tó wà lọ́wọ́ wọn: kó kọ nọ́ńbà ìbéèrè rẹ̀, ibi tó ṣìnà, ìdáhùn tó tọ́, kó sì fi ìwé ẹ̀rí tì í. Ìgbà tó kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Àtúnṣe tó dé kí òṣìṣẹ́ tó rí àṣìṣe ní ìwúwo tirẹ̀. Bí Kánádà bá ti kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fura sí ìdáhùn rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó fèsì, iye ọjọ́ tó ní wà nínú lẹ́tà yẹn. Kó má jẹ́ kó kọjá, kó má sì fi irọ́ kejì ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Bí agbára bá wà, kó wá agbẹjọ́rò tó ní àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ ìwọlé Kánádà kó tó fèsì, torí pé ìdáhùn yẹn ni wọ́n máa gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu ọ̀rọ̀ ọdún 5 náà.