Pípa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ kò lè já okùn ímeèlì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí èèyàn bá ń fèsì ímeèlì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn létà àtijọ́ tó tò lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀. Wọ́n ní tí ẹ bá pa wọ́n rẹ́, èsì yín á já kúrò lára àwọn yòókù, ẹ̀rí á sì sọnù. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì.

Gbogbo ímeèlì ló ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Tí ẹ bá ti tẹ Reply, ẹ̀rọ á mú àmì létà tí ẹ ń fèsì sí, á sì kọ ọ́ sórí létà tuntun, níbi tí ojú kì í sábà dé:

```
Message-ID: <b72@example.com>
In-Reply-To: <a51@example.com>
References: <a09@example.com> <a51@example.com>
```

Ó kéré tán, láti 1982 ni àwọn ìlà yìí ti wà nínú ìlànà ímeèlì. Àwọn ló ń so èsì mọ́ létà tó ṣáájú, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń wo ohun tó wà nínú ara létà. Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí létà kan nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ yan Show original. Ohun tó máa ń já okùn náà ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ létà tuntun dípò kó tẹ Reply, tàbí, nínú Gmail, kó yí àkòrí létà padà.

Ti ẹ̀rí ńkọ́? Létà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú Inbox ẹni tó gbà á, ó sì wà nínú Sent ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ èsì ni kò ṣeé gbára lé, torí pé ẹnikẹ́ni lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kó tó fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní London tó fẹ́ gba gbọ̀ngàn. Akápò kọ̀wé sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ó béèrè ọjọ́, ó béèrè ẹni tó máa san owó àsansílẹ̀, ó sì béèrè bóyá kí wọ́n se oúnjẹ àwọn ọmọdé lọ́tọ̀. Ẹnì kan tẹ Reply all, ó kọ “Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára,” ó sì fi létà mẹ́sàn-án sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Èwo ló dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èyí tó yẹ kó kọ nìyí:

```
> Ṣé 14 tàbí 21 Oṣù Kẹfà?
21. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn náà ní 14.

> Ta ló máa san owó àsansílẹ̀?
Èmi ni. Màá san án lọ́jọ́ Ẹtì.
```

Àmì `>` ló ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Ìbéèrè nìkan ló kù níbẹ̀; ìkíni, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ìsàlẹ̀ létà ti lọ. Ẹni tó bá kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì á lóye rẹ̀ láì wá nǹkan kan lọ sísàlẹ̀. Nínú Thunderbird, ètò ímeèlì kan fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá kọ́kọ́ fi máòsì yan ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ dáhùn kí ẹ tó tẹ Reply, ibẹ̀ nìkan ló máa bá èsì yín wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n yàn kan gbogbo èèyàn, nítorí náà Reply all tọ́ sí i. “Mi ò ní lè wá” kò kan ju akápò lọ. Ní Oṣù Kọkànlá 2016, létà ìdánwò kan ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó lé ní 800,000. Àwọn tó tẹ Reply all láti ní kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò ló mú kí ímeèlì wọn falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ibì kan wà tí mo gbà pé gígé nìkan kò tó: nígbà tí ẹni tuntun bá wọlé sínú ọ̀rọ̀. Kò ní àwọn létà ìṣáájú lọ́wọ́. Àmọ́ kì í ṣe kí ẹ tẹ Forward kí ẹ sì kọ “Ẹ wo ìsàlẹ̀.” Ẹ kọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹ ń fẹ́ kó ṣe sókè, kí ẹ sì ka ìsàlẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí pé àdírẹ́sì àwọn ẹlòmíì tàbí ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹnì kan lè wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rí gan-an ni wọ́n ń béèrè, Gmail orí kọ̀ǹpútà ní Forward as attachment: odindi létà náà ló máa fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ìlà ìdánimọ̀ tó wà lórí rẹ̀.