Bẹlíìnì ló ń sanwó, Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ wà

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń tan àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún òkè òkun, tí wọ́n ń ní bí ilé iṣẹ́ Jámánì bá ti gbà ọ́, òfin Jámánì ti gbà ọ́ náà nìyẹn. Irọ́ ni.

Àbúrò mi gbà wọ́n gbọ́. Ó lé lọ́dún méjì tó fi jókòó sí yàrá rẹ̀ l'Ọ́ńdà-Jì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní Bẹlíìnì. Ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé òfin Jámánì ni àwọn yóò máa tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó ní òun fẹ́ béèrè owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni méjì lè fẹnu kò lórí òfin tí yóò darí àdéhùn wọn, ìdí nìyẹn tó fi lè bi wọ́n léèrè ìfitónilétí oṣù kan tí òfin Jámánì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ti ìbánigbófò, níbi tí owó ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe ohun tí àdéhùn ń yàn. Ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni òfin wọn ń wò. Bí wọ́n bá rán ọ láti Jámánì wá síbí fún ìgbà díẹ̀, tiwọn lè máa tẹ̀ lé ọ. Àbúrò mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbà á. Ìwé owó oṣù rẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́: wọn ò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún ìbánigbófò. Òun rò pé oore ni.

Tiwa ńkọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san 8. Ká ní ₦600,000 ni owó oṣù tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n mọ́, ₦108,000 ni àpapọ̀ méjèèjì lóṣù. Lọ́dún méjì, ó di ₦2,592,000. Òfin yẹn kan náà gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún láyè pé bí kò bá ríṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ìyẹn ì bá jẹ́ ₦648,000, láìka èrè. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì níbí, ta ni yóò lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun kan máa ń gba èèyàn nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí yóò máa san gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ó béèrè fún ìyẹn níbi tuntun tó ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ rí i pé ó máa ń ná wọn lówó? Bí mo bá béèrè, wọ́n á kàn lọ mú ẹlòmíì ni."

Mi ò rí èsì fún un. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá kí n ní kó fọwọ́ sí i tàbí kó má fọwọ́ sí i.